Èènì póìntì 150 ti wọ káàdì yín, ẹ ṣeun

Oníbàárà wa àtàtà,

Ìwé 31 lẹ rà lọ́wọ́ wa lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì la kà á kó tó dá wa lójú. Ẹni tó kàn yà wọ ṣọ́ọ̀bù torí pé òjò ń rọ̀ kì í ra ìwé 31 láàárín ọdún kan. Ẹ fẹ́ràn ìwé, ọ̀dọ̀ wa lẹ sì yàn láti máa rà á. A mọ̀ pé ibòmíì wà tẹ́ ẹ lè yà sí. Ẹ ṣeun púpọ̀.

A ò fẹ́ fi ẹnu lásán dúpẹ́. Bí oníbàárà bá ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tajà, èènì tọ́ sí i. Tiyín ni póìntì 150 tá a fi sórí káàdì òǹkàwé yín láàárọ̀ òní. Kò sí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ máa kọ, kò sì sí ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rà. Ó ti wà níbẹ̀.

Bí káàdì yín ṣe rí rèé. Póìntì 220 ló ṣẹ́ kù látọdún tó kọjá. Ìwé 31 tọdún yìí, ní póìntì 10 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́ 310. Tá a bá fi èènì 150 kún un, gbogbo rẹ̀ di 680. Póìntì 400 la sì ń gbà fún ìwé ọ̀fẹ́ kan, èyíkéyìí tí èèpo rẹ̀ bá jẹ́ bébà rírọ̀. Ìyẹn ni pé ìwé kan ti wà nílẹ̀ fún yín báyìí, ẹ ò tíì wá mú un ni.

Ohun tó wà nínú ìpínrọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù nínú ímeèlì yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kọ́ ló dùn jù láti kọ. Póìntì 220 tó ṣẹ́ kù látọdún tó kọjá yẹn máa bà jẹ́ ní aago méjìlá òru ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá. Òfin káàdì náà ni pé póìntì ọdún kan kì í kọjá òpin ọdún tó tẹ̀ lé e. A lè dákẹ́ kó bá bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ èèyàn ò sì ní fura. Àmọ́ kí la máa jẹ́ tá a bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún fún yín ní èènì, tá a sì ń fi tòsì gba tẹ́lẹ̀? Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ ọ́ lásìkò tó ṣì lè ṣe yín láǹfààní.

Kò le láti gbà á là. Tẹ́ ẹ bá fi póìntì mú ìwé, èyí tó pẹ́ jù ni ẹ̀rọ wa máa ń kọ́kọ́ yọ. Torí náà, tẹ́ ẹ bá mú ìwé ọ̀fẹ́ kan ṣoṣo kí ọdún tó parí, gbogbo 220 yẹn ló máa bá a lọ, 180 péré la sì máa yọ lára tuntun. Póìntì 280 á ṣì kù fún yín, kò sì ní bà jẹ́ títí di òpin ọdún tó ń bọ̀.

Ẹ ṣí áàpù wa lórí fóònù, ẹ tẹ «Káàdì Mi», kẹ́ ẹ wá tẹ «Ìwé Ọ̀fẹ́». Gbogbo ìwé tí póìntì yín ká ló máa jáde. Tẹ́ ẹ bá wá mú un fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ò ní san nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ká gbé e wá sílé, ìwé nìkan ló jẹ́ ọ̀fẹ́ o, ẹ máa san owó ẹni tó gbé e wá. A fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n látìbẹ̀rẹ̀ ni, kó má lọ dà bí ẹni pé a fi í pa mọ́.

Ó tún ku ìkan. Láti ọjọ́ 5 títí di ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá, póìntì ìwé kọ̀ọ̀kan di 20 dípò 10. Ìwé bébà wà níbẹ̀, ìwé tí à ń kà lórí fóònù wà níbẹ̀, kódà èyí tá a ti já owó rẹ̀ wálẹ̀ wà níbẹ̀. Bíírò àti ìwé àjákọ nìkan ni kò sí, àwọn yẹn ò ní póìntì tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ sanwó la máa fi ṣírò, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ yín, torí náà bí ẹrù bá pẹ́ lọ́nà, póìntì yín ò ní torí ẹ̀ dín. Tẹ́ ẹ bá dá ìwé kan padà, póìntì rẹ̀ náà á padà.

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣàpẹẹrẹ. Tẹ́ ẹ bá ti mú ìwé ọ̀fẹ́ yẹn, tó ku 280, ìwé 12 lẹ ì bá rà kó tó tún pé 400. Láàárín ọjọ́ 27 yìí, mẹ́fà ti tó. A ò sọ pé kẹ́ ẹ sáré ra ohun tẹ́ ẹ ò ní kà. Ṣùgbọ́n tí àwọn ìwé kan bá wà tẹ́ ẹ ti ń wò látọjọ́ yìí, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ fi ta èèyàn lọ́rẹ, àsìkò rẹ̀ nìyí. Èyí tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó tètè dé ọwọ́ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún, ẹ bá wa rà á ṣáájú ọjọ́ 18. Ẹrù máa ń pọ̀ lọ́wọ́ àwọn agbẹ́rù lẹ́yìn ìgbà yẹn.

Ní oṣù Kẹsàn-án, póìntì àwọn kan lára yín pẹ́ gan-an kó tó yọ lórí káàdì. Ẹ̀bi wa ni, ẹ má bínú. A ti tún un ṣe. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá sanwó, ó yẹ kẹ́ ẹ ti rí i. Tẹ́ ẹ ò bá rí i, ẹ fèsì sí ímeèlì yìí gan-an, èèyàn ló máa kà á, ẹ sì fi nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì yín sí i.

Ìparí ọdún ni àwọn oníjìbìtì máa ń jí jù. A ò ní pè yín láé láti béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà yín tàbí nọ́ńbà káàdì báńkì yín nítorí póìntì. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ san nǹkan díẹ̀ kí póìntì yín tó jáde, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe àwa. Ẹ gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ kú ìmúra ọdún o.

Àwa tí à ń bójú tó káàdì òǹkàwé

Àfikún: Ìwé ọ̀fẹ́ náà kò pọn dandan kó jẹ́ tiyín. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń mú un, ẹ lè kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ kó lọ bá, a ò sì ní fi rìsíìtì sínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá fẹ́ máa gba irú ímeèlì yìí mọ́, ẹ tẹ «Ẹ yọ mí kúrò» nísàlẹ̀. Póìntì yín á wà níbẹ̀ bó ṣe wà.