Ìlà Iwájú

Àdírẹ́sì ló tan gbogbo èèyàn jẹ. Ọmọ kan láti Láfẹ́nwá, ọ̀kan láti Ìtòkò, ọ̀kan láti Àgó-Ìka. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni nọ́ọ̀sì tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ilé ìwòsàn: ibà, ara sú, ojú pọ́n, ikọ́. Fọlákẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sẹ́nu iṣẹ́ ìṣọ́ àrùn, pe àwọn ìyá wọn lórí fóònù. Ilé-ìwé kan náà ni wọ́n dárúkọ.

“Ooru ni,” ọ̀gá rẹ̀ wí. “Oṣù kẹta la wà yìí. Ta ni ara rẹ̀ ò sú?”

“Ooru kì í fa ikọ́, sà.”

Ọkùnrin náà wò ó, ó ju kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ọ́fíìsì sí i.

Ọ̀gá ilé-ìwé ò tilẹ̀ fún un ní àga. “Ọmọ mi, bó o bá dárúkọ èéyi níbí, kó tó di ọ̀la àwọn òbí á ti kó ọmọ wọn lọ.”

“Mà, ẹ má bínú. Ìwé ìpè-orúkọ nìkan ni mo fẹ́ rí.”

Wọ́n jọ ṣí ti Kíláàsì Kejì. Ọmọ kan kọ́kọ́ pa ilé-ìwé jẹ. Fún bí ọ̀sẹ̀ kan ààbọ̀, kò sí nǹkan. Lẹ́yìn náà ni òdo bẹ̀rẹ̀ sí í tò léra wọn: mẹ́rin lọ́sẹ̀ kan, méjì tẹ̀lé e. Màmá náà fi ìka tọ orúkọ wọn. “Ìlà iwájú ni gbogbo wọn jókòó sí,” ló wí, ó sì fa àga fún Fọlákẹ́.

Ní ilé ọmọ àkọ́kọ́, ìyá àgbà ń fi ẹmu pa á lára nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Fọlákẹ́ ò bá a jiyàn. Ẹ̀mí ọmọ ló ṣe pàtàkì, ẹmu lè dúró. Ó ní kí wọ́n máa fún un lómi àti oúnjẹ, kí wọ́n gbé e wá gba fítámì A lónìí àti lọ́la nítorí ojú rẹ̀. Ó wo káàdì abẹ́rẹ́: ti oṣù 9 wà níbẹ̀, ti oṣù 15 ṣófo.

“Àbí kò ti parí ni?” ìyá ọmọ náà bi í.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára ọmọ márùn-ún, wọ́n gbé e sínú kúlà oníyìnyín lọ fún àyẹ̀wò. Fọlákẹ́ padà lọ sí Kíláàsì Kejì láti kọ orúkọ àwọn tó kù. Tíṣà ń kọ ìṣirò sójú pátákó, ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

“Àǹtí, oṣù mélòó lọmọ yẹn?”

“Méje. Ó kù díẹ̀ kó gba ti èéyi.”

Fọlákẹ́ ti ń tẹ nọ́ńbà ọ̀gá rẹ̀. “Sà, ẹ má fi ti ọmọ oṣù 9 nìkan béèrè abẹ́rẹ́ o. Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n, kí wọ́n jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti oṣù 6.”