Lẹ́tà sí ọ̀gá mi àtijọ́: iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ àti ti Sátidé ní yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé

Ẹ̀rẹ̀jà, Iléṣà.
Ọjọ́ 9, Oṣù Kẹta, 2026.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé Ìtẹ̀wé, Lágere, Ilé-Ifẹ̀.

Ọ̀gá mi, sà,

MO FẸ́ MÁA BÁ YÍN YẸ FÁÌLÌ WÒ KÍ Ó TÓ DÉ ORÍ PLÉÈTÌ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú làálàá. Mo kí Màmá, mo kí gbogbo àwọn tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Láti ìgbà tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ yín ní ìparí Oṣù Kejìlá, tí mo wá ń bójú tó yàrá kọ̀ǹpútà ilé ìwé kan níbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣíwọ́, n kì í sì í ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Àkókò yẹn ni mo fẹ́ fi bá yín ṣe. Kì í ṣe iṣẹ́ olóṣù ni mo ń tọrọ. Ẹ gbé iṣẹ́ fún mi, kí n ṣe é, kí ẹ sanwó èyí tí mo ṣe. Ọmọ tó wà lórí àga mi àtijọ́ báyìí, òun ló ni ibẹ̀. N kò wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a jọ fẹnu kò sí: kí fáìlì kankan má dé orí pléètì láìjẹ́ pé mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni owó ti ń jò. Ẹ jẹ́ ká mú ìwé ètò ìsìnkú olójú ewé 64, ìwọ̀n A5, ẹ̀dà 500, lórí ẹ̀rọ Kọ́ọ̀dù. Pépà kan gba ojú ewé mẹ́jọ níwájú, ó gba mẹ́jọ lẹ́yìn. Abala mẹ́rin nìyẹn, pléètì mẹ́jọ, bó bá jẹ́ dúdú nìkan. Pépà rẹ̀ jẹ́ 2,000. Tí a bá fi márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún kún un fún èyí tó máa bàjẹ́, ó di 2,100. Bí ẹbí olóògbé bá wá rí àṣìṣe nígbà tí abala kan ti jáde, pléètì méjì àti pépà 525 ló ṣòfò yẹn, a ò tíì ka íńkì, a ò tíì ka dísù jẹnẹrétọ̀. Ìdajì wákàtí lórí kọ̀ǹpútà ni ì bá gbà á là.

Àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ dojú kọ, torí orúkọ olóògbé lẹbí ń kọ́kọ́ kà, ibẹ̀ náà ni ìjà sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Oníbàárà á tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, gbogbo àmì á pé. Tí a bá dà á sínú fọ́ńtì àtijọ́ ní CorelDRAW, àwọn kan á di àpótí, àwọn kan á sì ju àmì orí sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn (U+1EB9, U+1ECD, U+1E63), ṣùgbọ́n ọ́ kò ní nọ́ńbà kan tó dá dúró: U+1ECD ni, tí U+0301 tẹ̀ lé. Fọ́ńtì tí kò mọ bí a ṣe ń to méjèèjì lé ara wọn ló ń ṣe wá báyẹn.

Èyí tó burú jù ni ọgbọ́n tí àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń dá: wọ́n á kọ «oko rere», wọ́n á mú àmì ìdánudúró, wọ́n á fi ọwọ́ gbé e sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó máa ń dára lójú títí wọ́n fi máa fi ọ̀rọ̀ kan kún ìlà náà. Ìlà á sún, àmì kò ní tẹ̀ lé e. Ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń pè ní ọkọ rere á wá di oko rere nínú ìwé, àmì rẹ̀ á sì máa jókòó lábẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Kò sí aṣojúfò tó máa fojú fo ìyẹn lọ́jọ́ ìsìnkú.

Bí mo ṣe máa ṣe é nìyí. Fọ́ńtì kan náà ni gbogbo iṣẹ́ Yorùbá yín á máa lò, yálà Charis SIL tàbí Noto Serif. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì, wọ́n sì ń to àmì dáadáa. Màá tẹ ọ̀rọ̀ tuntun dípò kí n máa lẹ àmì. A ó tẹ ẹ̀dà kan jáde fún oníbàárà, kó kà á, kó fọwọ́ sí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ti àkọ́kọ́ nìkan. Lẹ́yìn náà ni màá fi fáìlì pa mọ́ lẹ́ẹ̀mejì: ọ̀kan tó ṣì ṣeé tún kọ, ọ̀kan tí mo ti tẹ Ctrl+Q lé lórí kí lẹ́tà di àwòrán. Ẹni tó bá tẹ Ctrl+Q láìfi ọ̀kan sílẹ̀, tí oníbàárà sì fẹ́ yí ọjọ́ ìsìnkú padà, gbogbo ojú ewé yẹn ló máa tún tẹ̀.

Fún PDF tí oníbàárà gbé wá fúnra rẹ̀, àṣẹ kan ni màá kọ́kọ́ pa fún un:

```
pdffonts isinku_64_v3.pdf
```

Bí «no» bá wà lábẹ́ emb, fọ́ńtì yẹn kò sí nínú fáìlì, bí kọ̀ǹpútà yín kò bá sì ní i, á fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbé e wá. Bí kò bá sí fọ́ńtì kankan nínú àkójọ rẹ̀, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti sọ lẹ́tà di àwòrán. Màá ṣí i sójú ńlá kí n rí i.

Lẹ́yìn èyí, títo ojú ewé. Ìwé tí a ń fi pín-ìn-nì kàn láàárín gbọ́dọ̀ ṣeé pín sí mẹ́rin-mẹ́rin. Oníbàárà tó gbé ojú ewé 62 wá, méjì ló kù kó kún, òun ló sì yẹ kó sọ ibi tí òfìfo máa wà, kó má baà bọ́ sí àárín orin. Nínú olójú ewé 64, nọ́ńbà méjì tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níbi tí a ó ti kan pín-ìn-nì gbọ́dọ̀ jẹ́ 65 tí a bá rò wọ́n pọ̀: 1 pẹ̀lú 64, 2 pẹ̀lú 63, títí dé 32 pẹ̀lú 33. Èmi á máa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ abala kọ̀ọ̀kan kí ẹni tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ lè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra rẹ̀. Ohun tí a sì máa ń gbàgbé ni pé ewé tó wà láàárín máa ń yọ jáde ju ti ẹ̀yìn lọ. Ewé 16 tí wọ́n wọ inú ara wọn, lórí pépà 80 gíráàmù, á yọ ní nǹkan bíi mílímítà kan ààbọ̀. Tí nọ́ńbà ojú ewé bá wà ní mílímítà 4 sí etí, méjì ààbọ̀ péré ló máa kù láàárín rẹ̀ àti ibi tí gílótíìnì máa gé. Mílímítà 8 ni màá fi sí.

Ti fọ́tò, kúkúrú: èèpo A5 tó ní mílímítà 3 fún gígé yíká jẹ́ mílímítà 154 sí 216. Bí a bá fẹ́ 300 dpi, fọ́tò tó máa kún un gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó písẹ́ẹ̀lì 1,819. Èyí tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,080 á fún wa ní 178 péré. Kí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí Wasáàpù bíi dókúmẹ́ǹtì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Ọ̀rọ̀ dúdú náà gbọ́dọ̀ jẹ́ K 100 nìkan. Tó bá jẹ́ àwọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló di dúdú, ẹ̀rọ aláwọ̀ kan á gbá a lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́tà wẹ́wẹ́ á sì máa ní òjìji pupa àti búlúù.

Ní ti àkókò: ìrọ̀lẹ́ Túsìdé àti Tọ́sìdé, aago márùn-ún sí mẹ́jọ, láti Iléṣà níbí. Fáìlì tí kò ju ojú ewé 16 lọ, tó bá dé kí aago mẹ́rin tó lù, á padà sọ́wọ́ yín lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Olójú ewé 64 gba ìrọ̀lẹ́ méjì, ẹ má ṣe ṣèlérí ọ̀kan fún oníbàárà. Sátidé kan bẹ́ẹ̀ kan kọ́, màá wà ní Lágere láti aago mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Wákàtí méjì nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ tó wà lórí àga, kí n máa kọ́ ọ ní gbogbo èyí. Tó bá mọ̀ ọ́n tán, ẹ ò nílò mi mọ́ fún ìwé kéékèèké, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀.

Owó: yíyẹ fáìlì wò, náírà 4,000 fún èyí tí kò ju ojú ewé 16 lọ. Yíyẹ̀ wò àti títo olójú ewé 64, náírà 15,000. Títẹ ọ̀rọ̀ Yorùbá tuntun pẹ̀lú àmì, náírà 500 lójú ewé A5. Sátidé ní Lágere, náírà 15,000, owó ọkọ̀ ti wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ pàjáwìrì tó bọ́ sí ọjọ́ mìíràn, ẹ fi ìdajì iye rẹ̀ kún un. Àṣìṣe tó bá ti ọwọ́ mi wá, èmi ni màá tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, màá sì san owó pléètì rẹ̀. Èyí tí oníbàárà ti fọwọ́ sí, tirẹ̀ ni. Màá kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé owó kan ní ìparí oṣù.

Àwọn ohun tí n kò ní fọwọ́ kàn: ẹ̀rọ, jíjó pléètì, àti ìdúnàádúrà. N kò ní gba iṣẹ́ tàbí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ oníbàárà yín. Ẹni tó bá pè mí, ọ̀dọ̀ yín ni màá ní kó lọ. Ìwé ìdánwò ilé ìwé, n kò ní ṣe é láti Iléṣà rárá, inú ọ́fíìsì yín nìkan ni, lórí kọ̀ǹpútà tí a ti yọ kúrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Àti pé, sà, bí ọ̀rọ̀ aṣínà kọ̀ǹpútà ńlá bá ṣì jẹ́ èyí tí mo mọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí i padà lónìí. Ẹ ṣí òmíràn fún mi tó mọ sórí fódà iṣẹ́ tí ẹ bá gbé fún mi.

Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà dán an wò, láti Sátidé 21 Oṣù Kẹta sí 2 Oṣù Karùn-ún. Ẹ ka pléètì tí ẹ tún jó láàárín ìgbà yẹn, kí ẹ fi wé ti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó ṣáájú rẹ̀. Bí kò bá dín kù, ẹ má pè mí mọ́, n kò ní bínú. Bí ẹ bá gbà, mo lè wá rí yín ní Sátidé tó ń bọ̀, ọjọ́ 14, aago mẹ́wàá. Nọ́ńbà mi kò tíì yí padà.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwálé.