Àtúnyẹ̀wò ìṣirò oògùn àti dírípù tí o fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú

Ìkòròdú, ọjọ́ Ajé

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi,

Mo rí ìwé tí o fi há abẹ́ Bíbélì mi kí o tó wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Ìgbógbó. Bírò pupa pọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, má jẹ̀ẹ́ kó bà ọ́ lẹ́rù. Ìbéèrè karùn-ún pé, ọ̀nà tí o gbà ṣe àwọn yòókù náà kò burú. Ibi tí ẹsẹ̀ ti yẹ̀ ni mo fẹ́ fi hàn ọ́. Mi ò ní tẹ̀ lé bí o ṣe to ìbéèrè, torí ìkẹrin ló gba oorun lójú mi.

Ìbéèrè 4. Lítà kan nọ́mà sàláìnì, wákàtí 8, gífíǹ sẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀kán 20 jẹ́ mílílítà kan. O kọ:

1000 × 20 ÷ 420 = 47.6, ìyẹn ẹ̀kán 48 ní ìṣẹ́jú kan

Níbo lo ti rí 420? Wákàtí 8 lọ́nà ìṣẹ́jú 60 jẹ́ 480. Wákàtí 7 ló ń jẹ́ 420. Fọ́múlà rẹ tọ̀nà, pínpín rẹ tọ̀nà, ìsodipúpọ̀ kékeré tí a kọ́ ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló já ọ sílẹ̀. Bó ṣe yẹ kó rí nìyí:

1000 × 20 ÷ 480 = 41.67, ìyẹn ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan

O lè sọ pé ẹ̀kán mẹ́fà péré ni ìyàtọ̀. Wò ó báyìí: ẹ̀kán 48 jẹ́ mílílítà 2.4 ní ìṣẹ́jú kan, 144 ní wákàtí kan, dípò 125. Àpò náà á gbẹ lẹ́yìn nǹkan bí wákàtí méje. Fún géńdé tí kíndìnrín rẹ̀ dá ṣáṣá, ó lè má ṣe nǹkan kan. Fún bàbá àgbàlagbà tí ọkàn rẹ̀ ti ń rẹ̀, a kì í fi omi ṣeré bẹ́ẹ̀. Ohun tó mú mi dá dúró lórí rẹ̀ ni pé 48 kò jọ àṣìṣe rárá. Bí mo bá kọjá lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, tí mo ka ẹ̀kán 48, mi ò ní bojú wẹ̀yìn.

Èmi náà ti ṣe irú rẹ̀ rí nígbà tí mo wà ní ọdún kejì. Sísítà tó ń bójú tó wọ́ọ̀dù kò bá mi pariwo. Ó gé pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì fi bírò sàmì sí ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé ní wákàtí kọ̀ọ̀kan: 125, 250, 375. Nígbà tí wákàtí méjì pé, omi tèmi ti kọjá àmì dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń lẹ pílásítà.

Ọ̀nà àbùjá kan tún wà tí o lè fi yẹ ara rẹ wò. Kọ́kọ́ wá mílílítà tó ń wọlé ní wákàtí kan. Bí sẹ́ẹ̀tì bá jẹ́ ti ẹ̀kán 20, pín in sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ti 15, pín in sí mẹ́rin. Bó bá jẹ́ ti ọmọdé tó ní ẹ̀kán 60, má pín in rárá. 125 sí ọ̀nà mẹ́ta jẹ́ 41.67. Bí ọ̀nà méjèèjì kò bá fẹnu kò, tún un ṣe. Ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára ọ̀rá sẹ́ẹ̀tì o, má fojú dá a.

Ìbéèrè 3. Dópámíìnì, aláìsàn kílógíráàmù 60, màíkírógíráàmù 5 fún kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú kan. Mílígíráàmù 200 wà nínú àpò mílílítà 500, sẹ́ẹ̀tì ẹ̀kán 60. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ, 5 × 60 = 300 ní ìṣẹ́jú kan, dára. Lẹ́yìn náà lo kọ:

200 mg = 20,000 mcg
20,000 ÷ 500 = 40 mcg nínú 1 ml
300 ÷ 40 = 7.5 ml ní ìṣẹ́jú kan

Òdo kan ti já bọ́. Ẹgbẹ̀rún ni mílígíráàmù fi ju màíkírógíráàmù lọ, kì í ṣe ọgọ́rùn-ún:

200 mg = 200,000 mcg
200,000 ÷ 500 = 400 mcg nínú 1 ml
300 ÷ 400 = 0.75 ml ní ìṣẹ́jú kan
0.75 × 60 = 45 ml ní wákàtí kan, ẹ̀kán 45 ní ìṣẹ́jú kan

Tìrẹ jẹ́ ẹ̀kán 450 ní ìṣẹ́jú kan. Ta ni yóò kà á? Ìyẹn ò tiẹ̀ ní jẹ́ ẹ̀kán mọ́, á máa dà ṣọ̀ọ̀ bí omi ẹ̀rọ. Àpò náà á tán kí wákàtí kan àbọ̀ tó pé, aláìsàn á sì gba ìlọ́po mẹ́wàá oògùn tó ń lé ọkàn sáré. Ó yẹ kí 450 yẹn ti dá ọ dúró fúnra rẹ̀. Má tún fi lẹ́tà Gíríìkì kékeré yẹn kọ màíkírógíráàmù mọ́. Bí ọwọ́ bá yára, ó máa ń jọ "m", ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ á kà á sí mílígíráàmù.

Ìbéèrè 1. Ọmọ ọdún mẹ́ta, páùn 33, parasítámọ̀ olómi, 15 mg fún kílógíráàmù kan, 120 mg nínú 5 ml. O fi 2.2 sọ 33 di púpọ̀, o ní ọmọ náà wọn kílógíráàmù 72.6. Ó dà bí ẹni tó wọkọ̀ ní Sábó pé òun ń lọ Ẹ̀bùté, tó wá sọ̀ ní Ọ̀dọ̀gùnyàn. Pínpín ni:

33 ÷ 2.2 = 15 kg
15 × 15 = 225 mg
225 ÷ 120 × 5 = 9.375, ìyẹn 9.4 ml

Ìwọ fún un ní 45.4 ml, ó lé díẹ̀ ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìgò 60 ml, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mẹ́ta tó wọn 72.6, ta ló ń pọ̀n ọ́n?

Ìbéèrè 2. Atésúnéètì, ọmọ kílógíráàmù 14. O lo 2.4 mg fún kílógíráàmù kan. Ìṣirò rẹ pé, 14 × 2.4 = 33.6. Àmọ́ fún ọmọ tí kò tó kílógíráàmù 20, atésúnéètì jẹ́ 3 mg fún kílógíráàmù kan. 14 × 3 = 42 mg. Bí o bá ti pò ó di 10 mg nínú 1 ml, 4.2 ml nìyẹn.

Ìbéèrè 5. Sẹfitiráásóònù, aláìsàn kílógíráàmù 12, 50 mg fún kílógíráàmù kan. 50 × 12 = 600 mg, gíráàmù kan nínú 10 ml, 6 ml. Ó pé. Kọ "6", má kọ "6.0". Bí àmì kékeré tó wà láàárín 6 àti 0 bá parẹ́, ọgọ́ta ni wọ́n á kà.

Tún ìkẹta àti ìkẹrin ṣe lórí ìwé tuntun, má gbé fóònù jáde. Fi èyí kún un: mílílítà 500, wákàtí 4, sẹ́ẹ̀tì ẹ̀kán 15. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe títí di Ọjọ́bọ̀, ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi kí aago mẹ́wàá tó lù. Bá mi kí màmá rẹ, sọ fún un pé abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ mi.

Àǹtí rẹ