Owó Ọ̀sẹ̀ Méjì

Ní Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, oníbàárà kan sọ fún Ìyá Eléèlùbọ́ pé ẹni tí ó bá kó 200,000 náírà sílẹ̀ yóò gba ìlọ́po méjì rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Gbogbo owó èsúsú tí ó fẹ́ fi ra iṣu ni ó kó lé e lọ́wọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, fóònù ọkùnrin náà kò lọ mọ́, owó ilé-ìwé ọmọ sì bá a lọ.

Ìyá Eléèlùbọ́ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí kóńgò èlùbọ́ kan. Ó ń kù ú títí yóò fi kúnná, ó sì ń dá àjọ díẹ̀díẹ̀.

Nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ lọ́jà mú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá, ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, èyí tí mo bá tà ni n óò jẹ,” ó sì ka owó ọjọ́ náà fún alájọ.