Àwòrán ìpara òrí wa: bí mo ṣe fẹ́ kó rí

Àbúrò mi, ọkún o. Mo ní kí n kọ ohun tó wà lọ́kàn mi nípa fọ́tò ọjọ́ Sátidé sílẹ̀, kó má baà di pé a dé ibẹ̀ tán ká tó máa wá ohun tí a ó gbé kalẹ̀.

Àárọ̀ ọyẹ́ ni kí ẹni tó bá wò ó rí: obìnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán nílé rẹ̀ ní Kàbbà, ara rẹ̀ ti ń gbẹ, ó fẹ́ para kó tó jáde. A ò ní rí ojú rẹ̀. Ìgò ìpara gíráàmù 100 kan ṣoṣo ló ni àwòrán náà. Ìgò aláwọ̀ oyin ni, ọmọrí rẹ̀ dúdú, lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀ funfun, àró ni wọ́n fi kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Gbé e kúrò láàárín díẹ̀ sápá ọ̀tún, kí lébẹ́ẹ̀lì dojú kọ wá gbọnrangandan.

Orí òkúta ni kó dúró. Mo ní òkúta pẹlẹbẹ kan tí mo gbé wá láti Ògìdì, ó rí eérú, ó sì ní àwọn hóró wínníwínní tó máa ń tàn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀. Mo ti fọ̀ ọ́. Jẹ́ kó gbẹ dáadáa, torí ibi tó bá tutù á dúdú, á sì dà bí ẹni pé nǹkan dà sí i. Mo mọ̀ pé o fẹ́ràn pákó, ṣùgbọ́n ìgò aláwọ̀ oyin á sọnù lórí rẹ̀. Táìsì tó ń dán náà kò dára: á sọ ìgò kan di méjì.

Aṣọ aláró tí ìyá mi hun lórí òfì ìdúró wà níbẹ̀. Ká a pọ̀, fi sí ẹ̀yìn lápá òsì, kó jẹ́ pé etí rẹ̀ pẹ̀lú wajawaja rẹ̀ nìkan ló wọ inú àwòrán. Má tẹ́ ẹ sábẹ́ ìgò. Ìlà ara rẹ̀ á máa fa ojú. Àró rẹ̀ bá ti lébẹ́ẹ̀lì mu, ìyẹn ti tó. Ẹ jọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ sí aṣọ pupa níbẹ̀, aṣọ ìpo ní pàtàkì. Aṣọ iyì ni, àwọn ọkùnrin Bùnú tó hun ún mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n òkú àgbà la fi ń ṣẹ̀yẹ fún. Ará Òkun tó bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpara, ìsìnkú ló máa kọ́kọ́ rántí.

Èyí tó kù ni kóró ẹmì mẹ́ta, níwájú, nísàlẹ̀ ìgò, kí ọ̀kan ti là kí inú rẹ̀ hàn. Kò sí mìíràn. Igbá ti tóbi ju ìgò lọ. Ewé tó ń yọ̀ táwọn ènìyàn máa ń kó sínú àwòrán ìpara, a ò fẹ́ ẹ: òrí àti àdí àgbọn la fi ṣe tiwa, ohun tí kò sí nínú ìpara kò gbọdọ̀ sí nínú àwòrán rẹ̀. Láàárín ìgò àti ohunkóhun mìíràn, jẹ́ kí àyè tó fẹ̀ tó ìgò náà wà. Òkè lápá òsì kó ṣófo pátápátá, ibẹ̀ la ó kọ iye owó sí.

Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé apá òsì ni ká lò, láàárín aago 7 sí 8 ààbọ̀, pẹ̀lú kọ́tìnnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Gbé páálí funfun sápá ọ̀tún kí òjìji má baà le jù. Fi aṣọ tó mọ́ nu ìgò, torí ìka ọwọ́ máa ń hàn lára ìgò ju bí ojú ṣe rí i lọ. Kí àwọ̀ ibẹ̀ tutù, kí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí àwọ̀ ara ènìyàn rí eérú.

Ìyẹn ṣe pàtàkì fún fọ́tò kejì, níbi tí ọwọ́ obìnrin á ti wọlé láti apá ọ̀tún. Ṣí ìgò, fi ẹ̀yìn ṣíbí dán ojú ìpara, kí ìka kan ti bu díẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yìn ọwọ́ kó máa dán níbi tó ti para, kó sì funfun díẹ̀ níbi tí kò tíì dé. Ọwọ́ aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni mo fẹ́, láìsí òrùka, láìkun èékánná. Má jẹ́ kó bo lébẹ́ẹ̀lì. Yára yà á: òrí máa ń rọ̀ bí ooru bá mú, nítorí náà fi ìgò yẹn síbi tútù títí a ó fi ṣetán.

Gé méjèèjì sí onígun mẹ́rin dọ́gba. Fi èyí àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí fóònù mi kó o tó palẹ̀ mọ́. Bí mi ò bá lè ka lébẹ́ẹ̀lì lójú fóònù, a ó tún un yà.