Ètò Ìwé Sáyẹ́ǹsì fún Àwa Tí A Ò Kọ́ Ọ Nílé Ìwé

Ẹ̀yin ará wa tí à ń pàdé nírọ̀lẹ́ Ọjọ́ Àìkú ní Wàǹdó,

Ètò ìwé tí mo ṣèlérí nìyí. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọjọ́ ti lọ. Nígbà tí ìyá wa aránṣọ bi mí pé kí ló sọ ọ̀sán di òru ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, tí òṣùpá bo oòrùn, tí òjìji rẹ̀ gba orí ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ kọjá, ojúlówó ìbéèrè sáyẹ́ǹsì ni wọ́n bèèrè. Ọgbọ́n ìbéèrè ti wà nílẹ̀. Ìwé tó máa dáhùn rẹ̀ láìfi ọ̀rọ̀ ńláńlá lé wa sá la ń wá.

Èdè Faransé ni gbogbo ìwé tí mo dárúkọ, àfi ti Gẹ̀ẹ́sì kan ní ìparí, nítorí òun la lè rí kà ní Àjàṣẹ́ níbí. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè nílé ìkàwé ìjọba tó wà nílùú wa, kí ẹ sì yẹ ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ́ ìwé sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tà wò kí ẹ tó náwó sórí tuntun.

Èyí tí a ó fi bẹ̀rẹ̀ ni "L'Univers expliqué à mes petits-enfants" tí Hubert Reeves kọ lọ́dún 2011. Bàbá àgbà kan ló ń dá ọmọọmọ rẹ̀ lóhùn lórí ìràwọ̀ àti ọjọ́ orí ayé. Kò gùn, kò sí ìṣirò nínú rẹ̀. Ibẹ̀ lẹ ó ti rí i pé irin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa, inú ìràwọ̀ ló ti jinná kí ilẹ̀ ayé tó wà. Tí ẹ bá parí rẹ̀ tó ṣì ń dùn mọ́ yín, ẹ mú "Cosmos" ti Carl Sagan, ọdún 1980. Ó nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìtàn ló ṣe ń lọ.

Ìwé kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, òun ni mo sì fẹ́ kí a jọ kà pa pọ̀: "Histoire d'une chandelle", ti Michael Faraday. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Faraday. Kò lọ ilé ìwé tó bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló wà tí wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ń di ìwé, ọdún méje ló sì lò níbẹ̀. Ìwé tí àwọn oníbàárà bá gbé wá fún dídì, òun náà á kà á. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì nìyẹn. Ìṣirò kò rọ̀ ọ́ lọ́rùn títí ó fi kú, síbẹ̀ òun ló fi hàn aráyé bí a ṣe ń fi òòfà mú iná mànàmáná jáde. Ẹ̀kọ́ mẹ́fà tó kọ́ àwọn ọmọdé nígbà Kérésìmesì ní Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé náà, ọ̀rọ̀ àbẹ́là kan ṣoṣo ló sì gbé gbogbo rẹ̀ kà.

Ẹ gbìyànjú èyí lálẹ́ tí iná bá lọ. Ẹ tan àbẹ́là, ẹ jẹ́ kó jó dáadáa, kí ẹ wá fẹ́ ẹ pa. Èéfín funfun kan á máa gòkè láti orí òwú rẹ̀. Ẹ tètè mú ìṣáná tó ń jó wá sínú èéfín yẹn, ní nǹkan bí ìka méjì sókè òwú, ẹ má jẹ́ kó kan òwú rárá. Iná á sáré gba inú èéfín sọ̀ kalẹ̀, àbẹ́là á sì tún tàn. Epo àbẹ́là tó ti di afẹ́fẹ́ ni èéfín yẹn, òun gan-an ló ń jó, kì í ṣe òwú. Mo ti ṣe é lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara mi ṣì máa ń yá gágá tí iná bá fò. Nínú ẹ̀kọ́ tó kẹ́yìn, Faraday fi hàn pé èémí tí à ń mí jọ jíjó àbẹ́là. Ẹ má fo orí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí a kò gbọdọ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń ra "Une brève histoire du temps" ti Stephen Hawking, ti ọdún 1988, nítorí òkìkí rẹ̀. Èmi náà fún ọkọ àbúrò mi ní ọ̀kan, kò kà á dé ìdajì, ó sì gbà pé ọpọlọ òun ni kò gbé e. Àṣìṣe mi ni. Hawking kọ ọ́ sínú ìwé náà pé wọ́n kìlọ̀ fún òun pé fọ́múlà kọ̀ọ̀kan tí òun bá fi sí i á dín iye àwọn tó máa rà á kù sí ìdajì, ló bá fi ẹyọ kan péré sí i, E = mc². Ṣùgbọ́n àìsí fọ́múlà kò ní kí ọ̀rọ̀ má jinlẹ̀. Ẹ fi í sí ìkẹta tàbí ìkẹrin.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ ohun abẹ̀mí wù, ọ̀nà tiyín yà díẹ̀. "L'Origine des espèces" ti Darwin, 1859, kò nílò ìṣirò. Ẹyẹlé tí àwọn ènìyàn ń sìn lórí àṣàyàn ló fi ṣí ìwé náà, ẹni tó bá sì ti sin ẹyẹlé rí á mọ ohun tó ń wí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni "Le Hasard et la Nécessité" ti Jacques Monod, 1970, tó le díẹ̀. Tí ẹ bá dé ibi jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ara tí à ń jogún lọ́dọ̀ òbí, ẹ rántí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde tó wà nínú ọ̀pọ̀ ilé wa: lẹ́tà kan ṣoṣo ló yí padà nínú jíìnì kan, tí èròjà kẹfà nínú 146 tó so kọ́ra bí ìlẹ̀kẹ̀ nínú purotéènì ẹ̀jẹ̀ fi di òmíràn, tí hóró ẹ̀jẹ̀ fi ń tẹ̀ bí dòjé. Ẹni tó bá sì gba jíìnì yẹn lọ́dọ̀ òbí kan péré, ibà kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á. Ìdí tí jíìnì náà kò fi parẹ́ láàárín wa nìyẹn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn wá kàn wàyí, níbi tí ìwé ti sọ pé kí ẹ mú bíìkì àti kàyé. Ẹ má sá. Ẹ ra ìwé ìṣirò àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò BEPC, kí ẹ ṣe é fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà kí ẹ mú ti kíláàsì tó tẹ̀ lé e. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ìṣirò àkọ́kọ́ tí ẹ ó ṣe rọrùn: oòrùn jìnnà sí wa tó 150,000,000 kìlómítà, ìmọ́lẹ̀ sì ń sáré 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ pín in: 500 ìṣẹ́jú àáyá, ìyẹn ìṣẹ́jú mẹ́jọ àti ogún ìṣẹ́jú àáyá. Oòrùn tí ẹ rí ní àárọ̀ yìí, ti ìṣẹ́jú mẹ́jọ sẹ́yìn ni.

Èkejì, ẹ wá kànga gbígbẹ tí wọ́n ti pa tì. Kànga Kétu jìn, ẹ ó gbádùn rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ kàn jẹ́ kí òkúta já bọ́ láti ọwọ́ yín sínú rẹ̀, kí ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá títí tí ẹ ó fi gbọ́ ìró. Iye ìṣẹ́jú àáyá yẹn ni t, jíjìn kànga ní mítà sì ni h:

```
h = 4.9 × t × t
```

Tí t bá jẹ́ 2, h jẹ́ mítà 19.6. Tí t bá jẹ́ 3, h di 44.1. Àkókò fi ìdajì lé sí i péré, jíjìn ti ju ìlọ́po méjì lọ, nítorí bí òkúta ṣe ń lọ ló ń yára sí i. Ẹni tí èyí bá yé ti wọlé.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì irú iṣẹ́ báyìí, ẹ lè mú "Le Minimum théorique" ti Leonard Susskind àti George Hrabovsky. Fún irú wa gan-an ni wọ́n kọ ọ́, àgbàlagbà tó fẹ́ kọ́ físíìsì tòótọ́, ó sì ń kọ́ni ní ìṣirò rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ojú ewé mẹ́ta lọ́sẹ̀ kan ti pọ̀ tó. Ẹni tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀kọ́ tí Richard Feynman kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti 1961 sí 1963 wà lọ́fẹ̀ẹ́ ní feynmanlectures.caltech.edu. Ẹ̀yin ti ohun abẹ̀mí, "Biologie moléculaire de la cellule" ti Bruce Alberts àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni tiyín. Ó nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Orí tí ẹ bá nílò ni kí ẹ ṣí, ẹ má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, kí kálukú mú àbẹ́là kan àti ìṣáná wá. Èmi ó mú àwo tánńganran funfun wá, kí a lè rí dúdú tí iná ń fi sílẹ̀.