Ọ̀rọ̀ Ìdágbére fún Ìyá Ìbejì, Olùkọ́ Wa

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ti ń wo kúlà tó wà lẹ́yìn yẹn láti àárọ̀, mo kí gbogbo yín o. Ọ̀rọ̀ mi ò ní gùn.

Nígbà tí Ìyá Ìbejì gba iṣẹ́ olùkọ́ lọ́dún 1990, wọn ò tíì dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀. Abẹ́ Ọ̀yọ́ la ṣì wà. Màmá, ẹ ṣàgbà ìpínlẹ̀ wa lẹ́nu iṣẹ́! Ọdún 35 gbáko. Òbí mìíì á mú ọmọ wá síbí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, á ṣàdédé kúnlẹ̀, torí ọwọ́ Màmá lòun náà ti kọ́ A, B, D.

Ẹni tó bá wà níbí lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò wá, kó bá mi jẹ́rìí. Òwe ni Màmá ń kọ́ Kíláàsì Kẹrin. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é tán ni: "Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn." Bí ọ̀gá alábẹ̀wò ṣe ní káwọn jókòó báyìí, àga yẹ̀, ó di gbì! Kíláàsì pa lọ́lọ́. Ọ̀gá gbórí sókè, wọ́n rọra bojú wẹ̀yìn. Ni ọmọ kan bá pariwo: "Mà, òótọ́ lẹ sọ o, wọ́n wẹ̀yìn!" Èmi tí mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣe ni mo sá. Màmá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n fa ọ̀gá dìde, wọ́n bá wọn gbọn eruku nù, wọ́n wá kọjú sí kíláàsì: "Ó dáa. Ta ló lè sọ ìtumọ̀ òwe yẹn?" Ọ̀gá fúnra wọn ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Màmá, ẹ ṣé. Ẹ ṣé fún àwọn ọmọ tí àwa yòókù ti ní orí wọn ò gbàwé, tí ẹ máa ń dá dúró lẹ́yìn tí iléèwé bá parí, tí ẹ ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí wọn. Ẹ ṣé fún ìgbà tó jẹ́ ààbọ̀ owó oṣù là ń gbà, tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn wá láti Òkè-Baálẹ̀, tí agogo àárọ̀ ò sì bá yín lọ́nà. Àwa tá à ń gun ọ̀kadà là ń pẹ́!

Bàbá Ìbejì, ẹ ṣé tí ẹ yá wa níyàwó yín. A ti dá wọn padà lódidi, ẹ yẹ̀ wọ́n wò dáadáa.

Kí Ọlọ́run fún yín ní ìlera, Màmá. Kí owó ìfẹ̀yìntì yín tètè jáde, kí ẹ fọwọ́ ara yín ná an. (Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣe àmín yẹn kó dún, tiyín náà ń bọ̀.) Ìlú aró la wà, adìrẹ la dì sínú páálí yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bọ́ síwájú, kí ẹ wá gbà á. Kíláàsì Kẹrin, orin yín dà?